Ìwé Gbèsè Méjì, Onígbèsè Kan: Ìdí Tí Iye Bọ́ǹdì Fi Ń Wálẹ̀ Nígbà Tí Èrè Ọjà Bá Ń Gòkè

Ní oṣù kejì ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gbé bọ́ǹdì tuntun kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ 19.00% FGN FEB 2034. Orúkọ yìí gùn, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ kò le. Ẹni tó bá yá ìjọba lówó lórí ìwé náà yóò máa gba èlé 19% lọ́dọọdún, tí oṣù kejì ọdún 2034 bá sì pé, ìjọba yóò dá ojú owó rẹ̀ padà fún un. Nígbà tí èyí ń ṣẹlẹ̀, bọ́ǹdì mìíràn ti wà nílẹ̀ láti ọdún 2020, tí ìjọba yìí kan náà jẹ ní gbèsè. Tirẹ̀ ń jẹ́ 12.50% FGN MAR 2035. Èlé tirẹ̀ jẹ́ 12.5%, oṣù kẹta ọdún 2035 ni yóò sì parí.

Ẹ wò wọ́n dáadáa. Onígbèsè kan ló ni méjèèjì. Náírà ni wọ́n fi ń san méjèèjì. Ọjọ́ ìparí wọn kò fi ju nǹkan bí oṣù mẹ́tàlá lọ síra wọn. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ kò ju iye èlé tí wọ́n kọ sára ìwé lọ. Ẹni tó ní mílíọ̀nù kan náírà nínú bọ́ǹdì tuntun yóò máa gba ₦190,000 lọ́dún, tí wọ́n pín sí ₦95,000 ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ẹni tó ní mílíọ̀nù kan nínú ti àtijọ́ yóò máa gba ₦125,000, ìyẹn ₦62,500 ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà.

Wàyí o, ká ní ẹni tó ni bọ́ǹdì àtijọ́ nílò owó. Kò lè lọ bá ìjọba pé kí wọ́n san án lónìí, nítorí àdéhùn wọn ni 2035. Ohun tó lè ṣe ni pé kó ta ìwé náà fún ẹlòmíràn lọ́jà. Ó dé ọjà, ó ní mílíọ̀nù kan lòun fẹ́, nítorí mílíọ̀nù kan náà ló wà lójú ìwé. Ta ni yóò rà á? Ẹni tó ní mílíọ̀nù kan lọ́wọ́ lè fi ra bọ́ǹdì tuntun kó máa gba ₦190,000. Kò sí ìdí kankan tí yóò fi fi owó kan náà ra èyí tó ń mú ₦125,000 wá láti ọ̀dọ̀ onígbèsè kan náà. Àfi kí olùtajà dín iye tó ń pè kù. Bí ọ̀ràn náà ṣe rí gan-an nìyẹn. Ohun tó kù láti mọ̀ ni pé èló ni yóò dín in kù dé, ibẹ̀ ni ìṣírò sì ti wọlé.

Ká tó ṣírò, ó yẹ ká ya ohun méjì sọ́tọ̀ tí àwọn èèyàn máa ń pò pọ̀. Èlé tí wọ́n kọ sára bọ́ǹdì kì í yí padà. 12.5% ni wọ́n kọ ní 2020, 12.5% ni yóò jẹ́ títí di 2035, ì báà jẹ́ pé ọjà gbóná tàbí ó tutù. Èrè ọjà yàtọ̀ sí ìyẹn. Òun ni iye tí ẹni tó bá ń yá ìjọba lówó lónìí ń béèrè kó tó gbà láti fi owó rẹ̀ sílẹ̀, ojoojúmọ́ ni ó sì lè yí padà. Nítorí náà, tí ìwé ìròyìn bá ní èrè bọ́ǹdì ti gòkè, kò túmọ̀ sí pé ìjọba ti fi kún owó tó ń san fún àwọn tó ti ní bọ́ǹdì lọ́wọ́. Wọ́n kò fi kọ́bọ̀ kan kún un. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé àwọn olùrà tuntun ń béèrè èrè tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọ̀nà kan ṣoṣo tí bọ́ǹdì àtijọ́ sì lè gbà fún wọn ní èrè yẹn ni pé kí iye rẹ̀ wálẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣírò tó kúrú jù lọ. Ká ní ọdún kan péré ló kù kí bọ́ǹdì 12.5% parí, ká sì ní lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń san èlé, kí ìṣírò má bàa di wa lójú. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹni tó bá ni ín yóò gba ojú owó mílíọ̀nù kan àti èlé ₦125,000, àpapọ̀ ₦1,125,000. Olùrà tó fẹ́ èrè 19% yóò bi ara rẹ̀ pé: èló ni mo lè fi sílẹ̀ lónìí tí yóò di ₦1,125,000 lọ́dún tó ń bọ̀ tí 19% bá gorí rẹ̀? Ẹ pín ₦1,125,000 sí 1.19, yóò fún yín ní ₦945,378. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó tọ̀nà, ẹ mú 19% nínú ₦945,378, ẹ fi kún un, ẹ ó rí ₦1,125,000 padà. Iye tí olùrà lè san nìyẹn. Tó bá san ju bẹ́ẹ̀ lọ, èrè rẹ̀ kò ní tó 19%, ìbá sàn fún un kó ra bọ́ǹdì tuntun.

Tí ọdún méjì bá kù, owó yóò wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́dún kìíní, ₦125,000. Lọ́dún kejì, ₦1,125,000. A ó ṣírò ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ti ọdún kìíní, a pín in sí 1.19, ó di ₦105,042. Ti ọdún kejì, a pín in sí 1.19 lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ọdún méjì la ó fi dúró dè é, ó di ₦794,435. Tí a bá pa méjèèjì pọ̀, ₦899,477 ni bọ́ǹdì náà tó lọ́jà.

Èyí ni mo fẹ́ kí a gbé kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹni tí kò bá gbà á gbọ́ lè fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ẹ mú ẹni méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ₦899,477. Ẹni kìíní fi tirẹ̀ ra bọ́ǹdì àtijọ́. Ẹni kejì fi tirẹ̀ ra bọ́ǹdì tuntun tó ń mú 19% wá, tí òun náà yóò parí lẹ́yìn ọdún méjì. Ẹnikẹ́ni tí èlé bá wọlé fún nínú wọn, ó tún fi yá ẹlòmíràn ní 19%.

| | Ẹni kìíní (bọ́ǹdì 12.5%) | Ẹni kejì (bọ́ǹdì 19%) |
|---|---|---|
| Owó tó san lónìí | ₦899,477 | ₦899,477 |
| Èlé ọdún kìíní | ₦125,000 | ₦170,901 |
| Ohun tí èlé náà dà lẹ́yìn ọdún kejì | ₦148,750 | ₦203,372 |
| Èlé ọdún kejì | ₦125,000 | ₦170,901 |
| Ojú owó tó padà | ₦1,000,000 | ₦899,477 |
| Àpapọ̀ | ₦1,273,750 | ₦1,273,750 |

Ẹni méjèèjì dọ́gba. Ẹni kejì ń gba èlé tó pọ̀ lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n iye tó san náà ló gbà padà ní ìparí. Èlé ẹni kìíní kéré, ṣùgbọ́n ó san ₦899,477, ó sì gba mílíọ̀nù kan. ₦100,523 tó jèrè níbẹ̀ ló dí àlàfo tí èlé kékeré náà fi sílẹ̀. Kò sí ẹni tó rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Iye tí bọ́ǹdì àtijọ́ wálẹ̀ sí gan-an ni iye tó mú kí ìwé méjèèjì dọ́gba lójú ẹni tó fẹ́ rà.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀. Wọ́n á ní: tí èlé bá jẹ́ ₦125,000, tí ọjà sì fẹ́ 19%, kí a sáà pín ₦125,000 sí 0.19, ó di ₦657,895, iye bọ́ǹdì náà nìyẹn. Ìṣírò yìí ìbá tọ̀nà tó bá jẹ́ pé ìjọba kò ní dá ojú owó padà láéláé, tó jẹ́ pé èlé nìkan ni yóò máa san títí ayé. Ṣùgbọ́n mílíọ̀nù kan ń bọ̀ ní ìparí, ẹni tó sì rà á ní ẹ̀dínwó yóò gbà á ní pípé. Owó tó ń bọ̀ yìí ni kì í jẹ́ kí iye bọ́ǹdì já wálẹ̀ tó bí ìṣírò ojú ṣe ń sọ, bí ìparí bá sì ṣe ń sún mọ́ tó ni agbára rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó.

Ohun tó tẹ̀ lé ìyẹn ni pé bí bọ́ǹdì bá ṣe gùn tó ni yóò ṣe ṣubú tó. Gbogbo ohun tí a fi yàtọ̀ nínú àtẹ tó wà nísàlẹ̀ yìí kò ju iye ọdún tó kù lọ. Èlé ìwé jẹ́ 12.5%, èrè ọjà jẹ́ 19%, ojú owó jẹ́ mílíọ̀nù kan.

| Ọdún tó kù | Iye bọ́ǹdì 12.5% lọ́jà | Iye bọ́ǹdì 19% lọ́jà |
|---|---|---|
| 1 | ₦945,378 | ₦1,000,000 |
| 2 | ₦899,477 | ₦1,000,000 |
| 5 | ₦801,254 | ₦1,000,000 |
| 11 | ₦708,378 | ₦1,000,000 |

Ìdí rẹ̀ rọrùn. Ẹni tó ra bọ́ǹdì tó kù ọdún kan yóò pàdánù ₦65,000 èlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò sì gba owó rẹ̀ láti fi ra nǹkan tó dára jù. Ẹni tó kù ọdún mọ́kànlá fún yóò pàdánù ₦65,000 lọ́dọọdún nígbà mọ́kànlá. Olùrà yóò sì yọ gbogbo àdánù yẹn kúrò nínú iye tó máa san lónìí, pẹ̀lú èyí tó jìnnà jù lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó jìnnà kò wúwo tó èyí tó wà nítòsí.

Ọdún mọ́kànlá tó wà ní ìsàlẹ̀ àtẹ náà, mo mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀ ni. Ní oṣù kejì ọdún 2024 tí bọ́ǹdì 19% jáde, nǹkan bí ọdún mọ́kànlá ló kù fún 12.50% FGN MAR 2035. Tí a bá ṣírò rẹ̀ bí ìjọba ṣe ń san án gan-an, ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, yóò bọ́ sí nǹkan bí ₦704,000. Lójú ẹ̀rọ alágbàtà, wọn kì í kọ ọ́ báyìí. Wọ́n máa ń kọ iye bọ́ǹdì lórí ọgọ́rùn-ún, nítorí náà ohun tí ẹ ó rí ni 70.4, tó túmọ̀ sí pé ₦70.40 ni wọ́n ń bù fún ₦100 ojú owó kọ̀ọ̀kan.

Ìyá kan tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ hàn mí. Alágbàtà rẹ̀ ti fi ránṣẹ́ sí i, iye tó wà lórí rẹ̀ sì ju 70 lọ díẹ̀. Inú ìyá náà bàjẹ́ gidigidi. "Ọmọ mi," wọ́n ní, "ìjọba ò jẹ mí ní èlé kankan, wọ́n ń san án déédéé. Ta ló wá kó owó mi?" Mo dá wọn lóhùn pé, "Ẹ má bínú, mà, kò sẹ́ni tó kó o. Bí ẹ bá fi ìwé yìí sílẹ̀ títí di 2035, mílíọ̀nù kan yín á pé pérépéré. Iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ yìí, ohun tí ẹ máa rí gbà nìyẹn tí ẹ bá tà á lónìí." Wọ́n dákẹ́, wọ́n wá ní, "Kí ló dé tí wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi nígbà tí mo ń rà á?" Ìbéèrè wọn tọ́. Ohun tí wọ́n sọ fún wọn nígbà náà ni pé owó ìjọba kì í ṣòfò. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò pé. Ìjọba lè san gbogbo kọ́bọ̀ tó jẹ, kí ìwé náà sì dínwó ní ìdá mẹ́ta ọ̀nà lọ́jà láàárín ọ̀nà. Ẹni tó ń ta bọ́ǹdì fún arúgbó tí kò sọ apá kejì yìí kò ṣe dáadáa.

Àwọn kan tilẹ̀ wà tí tiwọn burú ju ti ìyá yìí lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, báńkì àgbà Nàìjíríà, CBN, dá àwọn ilé iṣẹ́ àti àwọn èèyàn lásán dúró láti má ṣe ra irú ìwé gbèsè kan tí báńkì náà fúnra rẹ̀ máa ń tà. Àwọn tó ń ṣètò owó ìfẹ̀yìntì náà wà lára wọn. Owó tí wọ́n ti ń kó sínú ìwé yẹn ní láti wá ibòmíràn lọ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ya wọ inú bọ́ǹdì ìjọba. Olùrà pọ̀, ìwé kò pọ̀ tó. Nígbà tó fi máa di apá ìparí ọdún 2020, èrè ọjà lórí bọ́ǹdì ìjọba ti já sí abẹ́ 7%.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣírò wa wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún bọ́ǹdì 12.5% kan náà yìí. Nígbà tí ọjà ń fúnni ní 7%, ìwé tó ń san 12.5% di ohun tí gbogbo èèyàn ń dù. Kò sẹ́ni tó ni ín tí yóò tà á ní mílíọ̀nù kan. Tí a bá ṣírò ọdún mẹ́rìnlá àti ààbọ̀ tó kù fún un nígbà náà ní 7%, iye rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ₦1,496,000, ó kù díẹ̀ kó pé mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Ẹni tó rà á ní irú iye bẹ́ẹ̀, tí nǹkan sì mú un láti tà á ní oṣù kejì ọdún 2024, kò ní gbà ju nǹkan bí ìdajì owó rẹ̀ lọ, yàtọ̀ sí èlé tó ti gbà láàárín. Kó dà bó ṣe fi í sílẹ̀ títí dé 2035, mílíọ̀nù kan ni ìjọba yóò dá padà fún un, nítorí mílíọ̀nù kan ni wọ́n yá. Ìjọba kò mọ̀ pé ó san mílíọ̀nù kan ààbọ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Kí ló gbé èrè ọjà láti abẹ́ 7% lọ sí 19%? Ọ̀wọ́n gógó ló ṣáájú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, CBN bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwọ̀n èlé rẹ̀ sókè, láti 11.5% sí 13%. Wọ́n ń gbé e díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di 18.75% ní oṣù keje ọdún 2023, wọ́n gbé e lọ sí 22.75% ní ìparí oṣù kejì ọdún 2024, ó sì dé 27.5% ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Ní oṣù kejì 2024 yẹn, ilé iṣẹ́ ìṣirò ìjọba kéde pé ọjà ti wọ́n sí i ní 31.7% láàárín ọdún kan. Ẹni tó ń yá èèyàn lówó nírú àkókò bẹ́ẹ̀ kò lè gba 7%, nítorí owó tó máa gbà padà kò ní ra ohun tó rà tẹ́lẹ̀. Ìjọba náà sì ń wá owó púpọ̀ yá, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń wá owó púpọ̀ ló ní láti fi èlé fa olówó mọ́ra.

Èyí mú mi dé ọ̀rọ̀ kan tí àwọn kan fẹ́ràn láti sọ: pé tí èèyàn kò bá tà, kò pàdánù. Mo yọ̀ǹda fún ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn. Òótọ́ ni pé ẹni tó bá dúró yóò gba gbogbo iye tí wọ́n kọ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n fún ọdún mọ́kànlá, ₦125,000 ni yóò máa gbà nígbà tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń gba ₦190,000. Ẹni tó tà gba àdánù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó dúró ń gbà á ní ₦65,000 lọ́dọọdún. Àdánù náà kan náà ni, ọ̀nà tó ń gbà wọlé ló yàtọ̀. Ohun tó yẹ kí èèyàn wò ni bóyá òun yóò nílò owó náà kí ọjọ́ tó pé, nítorí ẹni tí kò lè dúró ni àdánù yìí máa ń bá lójijì.

Ilé ìfowópamọ́ kan ní Amẹ́ríkà fi èyí han gbogbo ayé ní ọdún 2023. Silicon Valley Bank ti kó owó àwọn oníbàárà rẹ̀ ra bọ́ǹdì nígbà tí èrè ọjà kéré gan-an. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ọdún 2022, ìwọ̀n èlé báńkì àgbà Amẹ́ríkà wà láàárín òdo sí 0.25%. Nígbà tó fi pé ọdún kan, ó ti wọ 4.5% sí 4.75%. Bọ́ǹdì wọn kò ní àbùkù, ìjọba Amẹ́ríkà ló wà lẹ́yìn èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó wọn, báńkì náà kò sì lè dúró de ọjọ́ ìparí mọ́. Ní ọjọ́ 8, oṣù kẹta, wọ́n kéde pé àwọn ti ta bọ́ǹdì nǹkan bí bílíọ̀nù 21 dọ́là, àwọn sì pàdánù bílíọ̀nù 1.8 dọ́là níbẹ̀ lẹ́yìn ìṣírò owó orí. Lọ́jọ́ kejì, àwọn oníbàárà sáré wá gba bílíọ̀nù 42 dọ́là. Ní ọjọ́ 10, ìjọba ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa.

Báńkì náà fúnra rẹ̀ sọ ohun méjì nípa bọ́ǹdì tó tà, tí ẹnikẹ́ni lè fi yẹ ìṣírò yẹn wò. Èrè wọn jẹ́ 1.79% ní ìpíndọ́gba, àkókò tí owó wọn fi ń padà wọlé, tí a bá wọn gbogbo rẹ̀ pọ̀, sì jẹ́ ọdún 3.6. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí bọ́ǹdì ní ọ̀nà àbùjá kan: fún 1% kọ̀ọ̀kan tí èrè ọjà bá fi gòkè, iye bọ́ǹdì yóò wálẹ̀ ní nǹkan bí iye ọdún yẹn, ìyẹn 3.6% nínú ọ̀ràn yìí. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, irú bọ́ǹdì bẹ́ẹ̀ ń mú ohun tó ju 4% wá lọ́jà. Ká fi àlàfo náà sí 2.5%. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 3.6, ó di 9%. Ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún bílíọ̀nù 21 súnmọ́ bílíọ̀nù 1.9 dọ́là. Ohun tó wó báńkì ńlá yẹn ni ìṣírò tí a ṣe lókè yìí gan-an, òun ni wọ́n ṣe ní iye tó pọ̀.

Ọ̀nà àbùjá yìí ní ibi tó ń mọ o. Ó dára tí èrè ọjà bá yí díẹ̀. Tó bá fò bí ó ṣe fò láti 7% sí 19%, yóò ṣini lọ́nà, ìṣírò ọdọọdún ló dájú. Bọ́ǹdì tí èlé rẹ̀ ń yí padà pẹ̀lú ọjà kì í ṣubú báyìí pẹ̀lú, nítorí èlé rẹ̀ ń gòkè bí ti àwọn tuntun bá ṣe ń gòkè. Nígbà mìíràn sì wà tí iye bọ́ǹdì ń wálẹ̀ nítorí ìdí mìíràn pátápátá, pé àwọn èèyàn ń bẹ̀rù pé onígbèsè kò ní san. Ghana bọ́ sínú èyí ní 2022, títí ìjọba fi kéde ní oṣù kejìlá pé àwọn dá sísan ọ̀pọ̀ gbèsè ilẹ̀ òkèèrè dúró. Ọ̀nà láti mọ ìyàtọ̀ ni pé kí a wo onígbèsè mìíràn lójú ọjà kan náà. Tí ti gbogbo wọn bá jọ ń wálẹ̀, èrè ọjà ló gòkè. Tó bá jẹ́ ti ẹnì kan ló ń já nígbà tí ti àwọn yòókù dúró, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n nípa ẹni náà.

Fún ẹni tó ní owó kékeré, ìjọba ní bọ́ǹdì olówó pọ́ọ́kú tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2017, tí èèyàn lè fi ₦5,000 bẹ̀rẹ̀. Ọdún méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń jẹ́, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni èlé sì ń wọlé. Ẹ padà wo àtẹ wa: bọ́ǹdì ọdún méjì fi nǹkan bí ìdá mẹ́wàá wálẹ̀ lójú àlàfo ńlá tí èyí tó kù ọdún mọ́kànlá fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá ọgbọ̀n. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹni tó ń tọ́jú owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ pé kó má jẹ́ kí ọjọ́ ìparí bọ́ǹdì rẹ̀ kọjá ọjọ́ tó máa nílò owó náà. Tí ẹ bá sì fẹ́ ra èyí tó ti wà lọ́jà, ẹ má béèrè pé èlé mélòó ló wà lórí rẹ̀ nìkan. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ń tà á, èrè tó máa fún yín títí di ọjọ́ ìparí ní iye yẹn, àti bóyá èlé tó ti kó jọ láti ìgbà tí wọ́n san kẹ́yìn ti wà nínú iye náà, nítorí ẹ̀yin lẹ máa san án fún olùtajà.

Ẹni tó ra bọ́ǹdì 2035 yẹn ní ₦708,378 ńkọ́? Tí èrè ọjà bá dúró sí 19%, lẹ́yìn ọdún kan yóò ti gba ₦125,000, iye ìwé náà yóò sì ti gòkè sí ₦717,969, nítorí mílíọ̀nù kan ti fi ọdún kan sún mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ pé èrè ọjà wálẹ̀ sí 16% láàárín ọdún yẹn, ìwé náà yóò tó ₦830,837, láìjẹ́ pé ìjọba yí nọ́ńbà kan padà lára rẹ̀.